Orin ọwọ́ fífọ̀ fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: kí ọwọ́ lè gbọ́ ohun tí ẹnu ń kọ

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Olùkọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ní Iléṣà. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí ó wà ní kíláàsì mi jẹ́ 24. Mo ṣe orin kan tí wọn yóò máa kọ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Ohùn orin òyìnbó kan tí wọ́n ti mọ̀ ni mo mú, mo wá fi Yorùbá sí i: 'Fọ ọwọ́, fọ ọwọ́ rẹ, kí o tó jẹun.' Wọ́n ń kọ ọ́ ketekete, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kì í mọ́, àwọn kan sì máa ń rẹ́rìn-ín bí a bá ti dé 'fọ ọwọ́'. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? Ǹjẹ́ ẹ ní orin kúkúrú tí ó ní ìṣe nínú tí mo lè lò?"

Ẹ̀rín tí àwọn ọmọ yẹn ń rín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, olùkọ́, nítorí pé wọn kò rín in lásán. Púpọ̀ nínú ohùn orin ọmọdé ti òyìnbó tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa a máa sọ̀ kalẹ̀ bí ó bá ti ń súnmọ́ òpin ìlà, kò sì bìkítà fún ibi tí ọ̀rọ̀ wa fẹ́ gbà. Bí a bá gbé Yorùbá lé irú ohùn bẹ́ẹ̀ lórí, "fọ" tí ipò rẹ̀ wà ní àárín lè bọ́ sókè kí ó di "fọ́", "ọwọ́" tí ó yẹ kí ó gòkè ní ìparí sì lè já wálẹ̀ kí ó di "ọwọ̀". Ẹ wo bí ọmọ ọdún mẹ́rin yóò ti gbọ́ ọ: ẹ ní kí ó fọ́ ìgbálẹ̀. Èmi náà ti ṣe irú orin bẹ́ẹ̀ rí, ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn ọmọ mi tí ó máa ń di ẹ̀ṣẹ́ nígbàkúùgbà tí a bá dé ibẹ̀, tí yóò sì fi gbá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kejì gbàmù. Mo rò pé ìpáǹle ni, mo tilẹ̀ bá a wí lẹ́ẹ̀mejì, títí ìyá rẹ̀ tí ó ń tajà ní Sábó fi bi mí ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé kí ni mo ní kí ọmọ òun máa fọ́, nítorí pé àwo méjì ló ti lọ nílé. Ọmọ náà kò ṣe ìpáǹle kankan o. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, èmi ni mo kọ orin tí ó sọ ohun mìíràn.

Gbogbo wa ni a ti fi dò, re, mí kọ́ ọmọ ní àmì ohùn: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò ṣàkíyèsí ni pé dò, re, mí yìí fúnra rẹ̀ ti jẹ́ orin. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orin fún ọmọ kékeré kò nílò láti wá ohùn kiri. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì, kí ó ka àmì náà bí orin, ohùn ti dé nìyẹn. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tú orin ìsìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì kọsẹ̀ níbí, wọ́n sì kọsẹ̀ pẹ́. Àgbà lè fara da á, nítorí pé àgbà ti mọ ohun tí orin náà ń sọ kí ó tó la ẹnu. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn ni ó fi ń mọ ọ̀rọ̀. Ẹ mú "ọṣẹ" bí àpẹẹrẹ, re re ni. Bí orin bá gbé èyí tí ó gbẹ̀yìn sókè, ó di "ọṣẹ́", ohun tí ń pa ènìyàn lára. Bí ó bá fa "ìka" wálẹ̀ ní ìparí, ó di "ìkà". Orin ìmọ́tótó tí ó ń ké sí ọṣẹ́ àti ìkà kò lè mú ọwọ́ ọmọ kankan mọ́.

Ìyẹn ni ti ẹ̀rín. Ọwọ́ tí kì í mọ́ ní ìdí tirẹ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ tún ohùn orin yín ṣe lónìí, ìdí náà yóò ṣì wà níbẹ̀. Orin yín sọ fún ọmọ pé kí ó fọ ọwọ́, kò sọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. Àwọn orin tí a fi ń yin ìmọ́tótó, tí a sì ń pàrọwà fún ọmọ pé àrùn kò dára, ní àbùkù kan náà: nígbà tí orin bá parí, ọwọ́ kò tíì mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà kò sọ pé ọmọdé tí ó bá wẹ ọwọ́ ni yóò bá àgbà jẹun. Ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni wọ́n wí. Nínú ilé wa, ohun tí ọmọ máa ń rí kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ ṣíṣàn: wọ́n á gbé omi sínú abọ́, àgbà á kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, abọ́ náà á máa lọ títí yóò fi kan ọmọ tí ó kéré jù, ẹni tí omi rẹ̀ ti dúdú kí ó tó kàn án. Ṣíṣàn ni ìyẹn, kì í ṣe fífọ̀, kò sì sí ọṣẹ níbẹ̀. Ọmọ yín tí ó ki ọwọ́ bọ omi, tí ó sì gbọ̀n ọ́n, kò ṣàìgbọràn sí orin yín. Ó ṣe é gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i nílé.

Orin tí mo ń lò nìyí, èmi ni mo sì tò ó fún àwọn ọmọ mi, nítorí náà ẹ lè yí i padà bí ó ti wù yín:

Omi dé, ọṣẹ dé.
Àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́,
Àárín ìka, ìka dà?
Àtàǹpàkò, má sá lọ!
Èékánná, họ, họ, họ.
Omi ṣàn, ìdọ̀tí lọ,
Gbọn ọwọ́, oúnjẹ yá!

Ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìlà kìíní jẹ́ re re mí, re re mí. Ìlà kejì jẹ́ dò mí re mí, dò dò re mí. Ní ìlà kẹta, ẹ ṣọ́ "ìka" gidigidi, dò re ni, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wálẹ̀ padà sí dò, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìkà ti ń wọlé. "Dà" tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń lọ sí ìsàlẹ̀. "Àtàǹpàkò" jẹ́ dò márùn-ún lórí ìlà, bí ìgbà tí ènìyàn ń lu ìyáàlù ní ojú kan, "má sá lọ" sì fò sókè lójijì: mí mí re. Ìfò yẹn ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù nínú orin náà, n kò sì ní purọ́, òun ni èmi náà fẹ́ràn jù. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín nígbà mẹ́wàá nílé kí ẹ tó gbé e dé kíláàsì. Bí aládùúgbò tí kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe bá lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri láìbéèrè, ohùn yín ti tọ́. Bí ilé àwọn ọmọ yín bá sì jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń sọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, níbi tí ilé ti ń jẹ́ ulé, ẹ bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe ìka kọ̀ọ̀kan nílé. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tiwọn rọ́pò èyí tí mo kọ, ẹ tún ohùn ìlà náà kà kí ẹ tó kọ ọ́, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá yí padà, orin gbọ́dọ̀ bá a yí.

Lílé àti ègbè ni mo máa ń fi kọ ìlà mẹ́rin tí ó wà láàárín, láti "àtẹ́lẹwọ́" títí dé "họ, họ, họ", ìdí rẹ̀ sì ju ti adùn lọ. Bí èmi bá lé ìlà kan, ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń ṣiṣẹ́ lára ti òsì. Bí àwọn ọmọ bá gbè é, ọwọ́ òsì ni yóò ṣiṣẹ́ lára ti ọ̀tún. Nínú ilé Yorùbá, a ti kọ́ ọmọ láti kékeré pé ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń jẹun, ọmọ sì ti dọ́gbọ́n parí rẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó yẹ kí ó mọ́. Ẹ wò wọ́n dáadáa lọ́la: púpọ̀ nínú wọn yóò fi òsì pa ọ̀tún, wọn kò ní fi ọ̀tún pa òsì. Bẹ́ẹ̀ ni òsì ni a fi ń nu ìdí, òun ni ó sì máa di abọ́ mú nígbà tí ọ̀tún bá ń bu òkèlè. Ègbè ni ó ń rí i dájú pé ìpín ti òsì kò sọnù.

Ìṣe inú rẹ̀ kò le. Ní "àtẹ́lẹwọ́", àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì á máa ra ara wọn lọ bọ̀. Ní "ẹ̀yìn ọwọ́", àtẹ́lẹwọ́ kan á gun ẹ̀yìn ọwọ́ kejì, yóò sì máa fà á láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Ní "àárín ìka", ìka ọwọ́ méjèèjì á wọ inú ara wọn, "ìka dà?" sì ni ìgbà tí wọn yóò yọ ọ́ tí wọn yóò tún kì í bọ̀ ọ́, bí ẹni pé ìka ń sá pamọ́. Ní "àtàǹpàkò", ọwọ́ kan á di àtàǹpàkò kejì mú ṣinṣin, yóò sì máa yí i bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò, òun ni a fi ń sọ fún un pé kó má sá lọ. Ní "èékánná", a ó kó orí ìka jọ, a ó sì fi èékánná họ àtẹ́lẹwọ́ tí ọṣẹ wà lórí rẹ̀, kí ọṣẹ lè wọ abẹ́ èékánná níbi tí ẹ̀bà àná àti iyẹ̀pẹ̀ òwúrọ̀ ti máa ń pàdé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe orin yìí, "ra inú, ra ẹ̀yìn" ni mo fi sí ìlà kejì, mo lérò pé ọmọ yóò mọ̀ pé inú ọwọ́ ni mo ń wí. Ìdajì kíláàsì fi ọṣẹ pa ikùn ní ọjọ́ náà, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn rin gbindin, èmi ni mo sì ṣàlàyé fún àwọn òbí. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé "àtẹ́lẹwọ́" gùn díẹ̀ lẹ́nu ọmọdé, ṣùgbọ́n kò ní ibòmíràn tí ó lè tọ́ka sí lára.

Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta inú wọn kò ní lè ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ti rí i lọ́dọọdún pé àtàǹpàkò àti àárín ìka ni ó máa ń dà wọ́n láàmú. Ìka wọn kúrú, wọn kò sì tíì lè pàṣẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe dá orin dúró nítorí wọn. Ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, kí ẹ sì fi ọwọ́ tiyín di ọwọ́ wọn mú láti ẹ̀yìn ní ìlà méjèèjì yẹn. Ní nǹkan bí sáà kejì, àwọn mìíràn nínú wọn yóò ti máa ṣe é fúnra wọn. Àwọn yòókù yóò ṣì máa di gbogbo ọwọ́ pọ̀ bí ẹni di ẹ̀kọ mú, ìyẹn náà sàn ju ọwọ́ tí wọ́n kàn kì bọ omi lọ.

Ní ti ìwọ̀n àkókò, ohun tí àwọn elétò ìlera ń sọ ni pé kí ọṣẹ wà ní ẹnu iṣẹ́ lórí ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ó kéré tán, kí a tó da omi sí i. Ọṣẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ti rò. Ọ̀rá àti ìdọ̀tí tí kòkòrò fara mọ́ ni ó ń tú kúrò lára awọ, ríra ọwọ́ ni ó ń gbé e kúrò nínú ìlà awọ, omi tí ń ṣàn ni ó sì ń kó o lọ. Bí ríra náà bá kúrú, ọṣẹ ti tú ìdọ̀tí, kò sì sí ẹni tí ó gbé e. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin àárín yẹn máa ń gbà mí tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta bí mo bá lé e ní ìrọ̀rùn, ègbè náà sì gba bẹ́ẹ̀; lílé àti ègbè ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wá jẹ́ nǹkan bí 24. Ẹ fi fóònù yín wọ̀n ọ́n. Ìdí kejì tí n kò fi jẹ́ kí wọ́n dá a kọ nìyí: ọmọ tí ebi ń pa a máa sáré orin. Mo ti wọn àwọn ọmọ tí wọ́n dá a kọ láìsí lílé, wọ́n kọ gbogbo ìlà mẹ́rin tán ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, ojú wọn ti wà lára ìrẹsì. Bí ẹ̀yin bá ń lé e, ọwọ́ yín ni ìjánu wà.

Ibi tí ẹ ti ń kọ orin náà tún ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé orí ìlà, nígbà tí wọ́n ń dúró kí omi kàn wọ́n, ni àwọn ọmọ yín ti ń kọ tiyín, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo wa ti máa ń lò ó láti fi mú ariwo rọlẹ̀. Ọwọ́ gbígbẹ ni wọ́n fi ń ṣe ìṣe, nígbà tí wọ́n bá wá dé ẹnu omi, orin ti tán, ìṣe ti tán, ẹni tí ó wà lẹ́yìn sì ń tì wọ́n. Kò burú láti fi ọwọ́ gbígbẹ kọ́ wọn ní ìṣe náà ní àárọ̀, ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ṣùgbọ́n ní àkókò oúnjẹ, orin kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí ọṣẹ yóò fi wà lórí ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi kíláàsì yín ṣe ìṣirò. Bí ọmọ 24 bá ń lọ sí ẹnu omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ìṣẹ́jú àáyá 45 láti rẹ ọwọ́, fi ọṣẹ pa á, ra á, kí ó sì ṣàn án, ìṣẹ́jú 18 ni yóò lọ, oúnjẹ á ti tutù, ẹ̀yin náà á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ọmọ mẹ́fà ní ọ̀wọ́ kan. Mo máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí a ti fi ẹ̀rọ sí ìdí rẹ̀ lé orí àga, abọ́ fífẹ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ fún omi tí ó ti dọ̀tí. Ọmọ mẹ́fà á kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan á rẹ ọwọ́, á gba ọṣẹ, á sì yà sí ẹ̀gbẹ́ láti dúró yí mi ká. Ìyẹn kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ fún ẹnì kan, "omi dé, ọṣẹ dé" ni wọ́n sì ń kọ léraléra ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí ẹni kẹfà bá dé, a ó kọ ìlà mẹ́rin àárín papọ̀, ní lílé àti ègbè. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún kọjá lẹ́nu omi pẹ̀lú "omi ṣàn, ìdọ̀tí lọ", tí wọn yóò sì gbọn ọwọ́ lọ jókòó sídìí oúnjẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀wọ́ kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, gbogbo wọn á sì tán ní mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá ní olùrànlọ́wọ́ kan tí ó lè fi bútà da omi ní ẹ̀gbẹ́ kejì, yóò yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì lítà omi tó fún ọmọ kan, nítorí náà lítà 12 ni kíláàsì yín yóò lò ní oúnjẹ kan, kẹ́ẹ̀gì kan sì lè gbé yín dé ọ̀la.

Kò wà láìní ìṣòro. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ gba ọṣẹ á dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan, ọṣẹ á sì máa gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ da ẹ̀kán omi díẹ̀ sí i kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn á fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ nu ojú, ẹkún á sì sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ kí wọ́n máa ra àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń dúró, kí ọwọ́ má baà wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Bí kò bá sí kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́rọ, bútà tó, kódà ike tí a lu ihò sí ìdérí rẹ̀ tó. Ohun tí n kò gbà ni abọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ ń ti ọwọ́ bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé abọ́ nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ yín ní, ẹ fi ife bu omi dà sí ọwọ́ wọn.

Ọṣẹ tí ó bá wà ni kí ẹ lò. Ọṣẹ tí a gé sí kékeré tí a sì so mọ́ kẹ́ẹ̀gì nínú ìbọ̀sẹ̀ tàbí àwọ̀n aláta kì í bọ́ sílẹ̀, ọmọ kò sì ní lè sá lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọṣẹ dúdú ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń sán tàbí tí ó ní ìfo, ọṣẹ dúdú tí eérú rẹ̀ le àti ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun a máa ta á, ẹ bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kí ẹ sì fi ọṣẹ ìwẹ̀ rọ́pò rẹ̀ fún un. Ní ti nínu ọwọ́, "gbọn ọwọ́" ni mo fi sí orin nítorí pé aṣọ ìnuwọ́ kan fún ọmọ 24 yóò dá gbogbo ohun tí a ti fọ̀ padà kí ó tó kan ẹni kẹwàá, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ara wọn kò mọ́ ju ọwọ́ tí wọ́n wá fọ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá orin náà ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe fi ojú lásán wò ó. Ẹ lọ ṣọ́ọ̀kì aláró kúnná, ẹ pò ó mọ́ òróró díẹ̀, kí ẹ fi pa ọwọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà ní iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ pẹ̀lú orin bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ibi tí aró bá ṣẹ́kù sí ni ìlà orin tí kò wọlé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, àtẹ́lẹwọ́ gbogbo wọn funfun gbòò, ṣùgbọ́n ìdí àtàǹpàkò mẹ́rin nínú mẹ́fà ṣì ní aró, ẹ̀yìn ọwọ́ òsì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bí mo ti pa á. Mo wá rí i pé èmi fúnra mi ni mo ń sáré "má sá lọ" nítorí pé ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn kò sì ráyè yí. Mo fà á gùn, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbè é lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọmọ kan ṣoṣo ni aró kù sí lára àtàǹpàkò. Ti ẹ̀yìn ọwọ́ òsì gba àkókò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tán pátápátá títí sáà fi parí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ní ilé-ẹ̀kọ́ yín sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí àwọn òbí lè rí ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Babs Fafunwa, ti bẹ̀rẹ̀ ètò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì wọn kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀gá yín jà. Ẹ fi orin Gẹ̀ẹ́sì sí òwúrọ̀ bí wọ́n bá fẹ́, ẹ fi ti Yorùbá sí ẹnu omi, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbé.

Orin yìí kò lè ṣe ju ohun tí a fi lé e lọ́wọ́. Bí omi kò bá sí, kò ní pe omi. Bí síbí tàbí abọ́ oúnjẹ bá dọ̀tí, tàbí bí ọmọ bá fi ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ gbá irun ẹnìkejì kí ó tó jókòó, iṣẹ́ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èékánná gígùn a máa fi ìdọ̀tí pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀ bí ó ti wù kí a họ ọ́ tó. Ẹ bẹ àwọn ìyá kí wọ́n máa gé e ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìlú á máa pariwo ọwọ́ fífọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, ọjọ́ tí a ti yà sọ́tọ̀ fún un káàkiri ayé láti 2008, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn á kọrin ní ọjọ́ náà tán, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Tiyín yàtọ̀, ẹ ti ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Ohun tí yóò wá bá yín ni pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọn yóò ti mọ̀ ọ́n débi pé ẹnu á máa kọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ ń sùn. Nígbà náà, ẹ yan ọmọ kan lójúmọ́ kí ó máa lé e, kí ẹ sì fún un láàyè láti pààrọ̀ ipò ìlà mẹ́rin àárín bí ó ti wù ú, kí àwọn yòókù má mọ èyí tí ó kàn. Ọmọ tí kò mọ̀ bóyá èékánná tàbí àtàǹpàkò ni yóò pè gbọ́dọ̀ tẹ́tí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, nítorí pé ọmọ tí wọ́n bá fi ṣe alórin máa ń sáré ju gbogbo wọn lọ.